Bítíkọ́ìnì Ti Lérè Lọ́wọ́ Wa: Ká Tà Á Lẹ́ẹ̀kan Ni, Tàbí Ká Máa Bù Ú Tà?

Àwọn tí ó ń kọ́ ènìyàn bí a ti í ra bítíkọ́ìnì pọ̀ jáǹtìrẹrẹ nígboro, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tí ó ń sọ bí a ti í tà á. Bẹ́ẹ̀ ni títà yìí ni ó le jù. Ẹni tí ó ra ọjà tí ọjà náà sì wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà náà gan-an ni oorun máa ń dá lójú rẹ̀. Bí ó bá tà lónìí tí ó sì tún gòkè lọ́la, yóò máa fi ìka àbámọ̀ bọ ẹnu. Bí kò bá tà, tí ó sì já wálẹ̀, èrè tí ó ti fi ojú rí ni ó lọ yẹn.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà tà. Àwọn kan á yan iye kan ṣoṣo, bí ọjà bá ti dé iye náà, wọn á kó gbogbo ẹrù wọn sílẹ̀, ó parí. Àwọn mìíràn á pín ẹrù náà sí ọ̀nà mélòó kan, wọn á máa bù ú tà bí iye rẹ̀ ti ń gun àkàbà lọ. Èmi kò fẹ́ fi ẹnu lásán jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìṣirò ìrajà kan ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀, èyí tí àwa mẹ́ta rà ní ọ̀sẹ̀ kan náà, tí a sì tà ní ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ mi wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni a rà á, nígbà tí odidi bítíkọ́ìnì kan ń lọ ní nǹkan bí 10,000 dọ́là. Kò sí ẹni tí ó ra odidi nínú wa. A kì í sì í rà á lódindi dandan, nítorí ó ṣeé gé wẹ́wẹ́ bí aṣọ tí a ń fi ọ̀pá wọ̀n. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni olúkúlùkù wa rà, ìyẹn 0.1, ó sì ná wa ní 1,000 dọ́là. Èmi tí mo ń ta aṣọ ní Gbági, Ìbàdàn, ni ẹnì kìíní. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ tíṣà ìṣirò ni ẹnì kejì. Àbúrò tíṣà yìí, tí ó ń ta ohun èlò ilé kíkọ́, ni ẹnì kẹta.

Tíṣà sọ pé 60,000 dọ́là ni òun yóò ti tà, gbogbo rẹ̀ pátá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àbúrò rẹ̀ ní 60,000 kéré, òun yóò dúró de 100,000. Èmi pín tèmi sí ọ̀nà mẹ́rin, 0.025 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé n óò ta ìdá kìíní ní 20,000, èkejì ní 40,000, ẹ̀kẹta ní 60,000. Ìdá kẹrin ni n kò fún ní iye kankan. N óò jẹ́ kí ó máa gòkè títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, bí ó bá sì ti já wálẹ̀ ní ìdá 30 nínú 100 láti ibi tí ó ga dé jù, n óò tà á.

Tíṣà fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìwọ yìí, oníṣòwò ni ọ́, o kò sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá ta ọjà rẹ̀ ní 20,000, tí ó tún wá ń retí 60,000, ara rẹ̀ ni ó ń rẹ́ jẹ?” Mo ní, “Tíṣà, bí o bá lè búra fún mi pé yóò dé 60,000, n kò ní ta ẹyọ kan ṣáájú.” Kò búra.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń pàṣẹ títà náà, nítorí kò sí ẹni tí ó lè máa jókòó ti fóònù tọ̀sán tòru. Ní ilé pàṣípààrọ̀ orí ẹ̀rọ, bí ẹ bá tẹ ibi tí a kọ Sell sí, ẹ óò rí irú àṣẹ tí ẹ lè fi sílẹ̀. Èyí tí a kọ Market sí túmọ̀ sí pé kí wọ́n tà á lójú ẹsẹ̀ ní iyekíye tí ó wà. Èyí tí a kọ Limit sí túmọ̀ sí pé kí wọ́n má tà á àfi bí ó bá dé iye tí mo kọ. Ẹ óò kọ iye náà, ẹ óò kọ ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ tà, ẹ óò sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Mo kọ àṣẹ Limit mẹ́ta sílẹ̀ ní ọjọ́ tí mo rà á gan-an, kí ojú mi tó rí èrè, nítorí ojú tí ó ti rí èrè kì í ríran dáadáa mọ́. Tíṣà náà kọ tirẹ̀ ẹyọ kan. Àbúrò rẹ̀ kò kọ nǹkan kan, ó ní inú orí òun ni tòun wà.

Ọjà náà kò jẹ́ kí a dúró pẹ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020, bítíkọ́ìnì kọjá 20,000 dọ́là fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ìdá kìíní mi lọ, 500 dọ́là wọlé. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2021, ó kọjá 40,000. Ìdá kejì lọ, 1,000 dọ́là wọlé. Ojú owó mi ti padà sí ọwọ́ mi pẹ̀lú 500 lórí, ìdajì ẹrù mi ṣì wà nílẹ̀.

Kò gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́ o. Nínú oṣù Kìíní yẹn kan náà ni ó ti nǹkan bí 42,000 já sí ìsàlẹ̀ 30,000, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní oṣù Kejì, ó ti 58,000 padà sí nǹkan bí 43,000. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, ó kọjá 60,000. Ìdá kẹta mi lọ, 1,500 dọ́là wọlé. Ní ọjọ́ yẹn kan náà ni àṣẹ kan ṣoṣo tí Tíṣà fi sílẹ̀ ṣẹ. 6,000 dọ́là ni ó kó, ó sì ti ọjà kúrò.

Ó ku ìdá kẹrin mi, èyí tí mo ń tẹ̀ lé lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lóye apá yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ó. Ìdá 30 nínú 100 tí mo yàn kì í ṣe àfọwọ́fà lásán. Bítíkọ́ìnì a máa já ní ìdá 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì tún gòkè, bí a ti rí i ní oṣù Kejì yẹn. Ẹni tí ó bá fi ìdá 10 ṣe ààlà, wọn yóò lé e jáde nígbàkigbà tí ọjà bá sín. Ẹni tí ó bá fi ìdá 50 ṣe é, yóò ti pàdánù ìdajì kí ó tó jí. Bí mo bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé gbogbo ẹrù mi láti oṣù Kìíní, ìjábọ́ oṣù Kìíní nì ìbá ti lé mi jáde kí a tó rí 60,000 rárá. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ jẹ́ kí ìdá mẹ́ta lọ ní iye tí mo kọ, tí mo sì fi ìyókù nìkan sílẹ̀ fún títẹ̀lé.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, ó ga dé nǹkan bí 64,800. Ẹ yọ ìdá 30 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 45,360. Iye yẹn ni mo gbé ààlà mi sí. Bí ọjà bá gòkè, mo lè gbé ààlà náà sókè sí i, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni pé kí n gbé e wálẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Tẹ́sílà kéde pé àwọn kò ní gba bítíkọ́ìnì fún ọkọ̀ mọ́, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Láàárín oṣù náà ó fọwọ́ kan ààlà mi, ìdá kẹrin sì lọ ní nǹkan bí 45,000, ìyẹn 1,125 dọ́là.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò gbọdọ̀ gbójú fò. Àṣẹ tí ó ń ṣọ́ ààlà ìsàlẹ̀ ni a kọ Stop-Limit sí lójú ẹ̀rọ, iye méjì ni ó sì ń béèrè. Èkíní ni iye tí yóò jí i, èkejì ni iye tí ó kéré jù tí a óò gbà. Bí ẹ bá kọ iye méjèèjì súnmọ́ ara wọn jù, tí ọjà sì já bí òkúta, yóò fò kọjá àwọn méjèèjì, àṣẹ yín yóò jí, ṣùgbọ́n kò ní rí ẹni tà fún. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún yẹn, bítíkọ́ìnì ti òkè 40,000 ṣubú sí nǹkan bí 30,000 láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn ilé pàṣípààrọ̀ ńlá pàápàá sì dákú fún ìgbà díẹ̀ lábẹ́ ẹrù èrò. Èmi jẹ́ kí iye kejì fi ìdá 3 nínú 100 rẹlẹ̀ ju ti èkíní lọ. Ó san ju kí n máa ṣahun lórí dọ́là 30, kí ọjà sì kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti àbúrò Tíṣà. Ó rí 60,000, kò tà. Ó rí ìṣubú oṣù Karùn-ún, ó ní yóò padà wá. Òótọ́ ni pé ó padà wá, nítorí ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ó ga dé nǹkan bí 69,000. Nígbà yẹn, ẹrù rẹ̀ tó 6,900 dọ́là. Mo pè é lórí fóònù pé, “Àbúrò, ta ìdajì.” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Gbogbo ayé ni ó ń sọ pé 100,000 kò ní kọjá ọdún tuntun.” Lóòótọ́ ni gbogbo ayé ń sọ ọ́. Ọdún tuntun dé, ọjà kò dé ibẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 ó ti wà nísàlẹ̀ 18,000. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, nígbà tí ilé pàṣípààrọ̀ ńlá tí à ń pè ní FTX fọ́, tí ó sì gba ilé ẹjọ́ lọ gẹ́gẹ́ bí onígbèsè, ó já dé nǹkan bí 15,500. Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mẹ́ta wà nílẹ̀, sìmẹ́ńtì sì ti wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó tà á ní 16,000, ó kó 1,600 dọ́là.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo fi apá kan pamọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2024, bítíkọ́ìnì kọjá 100,000 dọ́là. Bí ọkùnrin yìí bá ti lè di ẹrù rẹ̀ mú fún ọdún méjì sí i, 10,000 ni ìbá kó, ìbá sì fi gbogbo wa sẹ́yìn. Iye tí ó fojú sùn kò burú. Àpò rẹ̀ ni kò gùn tó ọ̀nà náà.

Nísinsìnyí, ẹ ka owó wa. Tíṣà kó 6,000. Èmi kó 500, 1,000, 1,500 àti 1,125, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,125. Àbúrò kó 1,600. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí Tíṣà ni ó ń rán mi létí pé òun fi nǹkan bí 1,900 dọ́là lé mi, òótọ́ ni ó sì ń sọ. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé bíbù tà ń mú èrè pọ̀ sí i, irọ́ ni ó ń pa. Kò lè ṣeé ṣe. Bí mo bá ta ìdá mẹ́rin tí ó dọ́gba ní 20, 40, 60 àti 80 ẹgbẹ̀rún, ó dà bí ẹni pé mo ta gbogbo rẹ̀ ní 50 ẹgbẹ̀rún. Èyí kéré sí ẹni tí ó tà ní 60 lẹ́ẹ̀kan, ó sì ju ti ẹni tí ó tà ní 20 lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹni tí ó ń bù tà kò ní ṣe ipò kìíní láé, kò sì ní ṣe ìkẹyìn láé.

Kí ni ó wá ń rà pẹ̀lú 1,900 dọ́là tí ó fi sílẹ̀ yẹn? Ó ń ra àyè láti ṣi ìṣirò. Iye kan ṣoṣo ni Tíṣà yàn. Ká ní ó yàn 65,000 ní oṣù Kẹsàn-án yẹn, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí 60,000 lójú ẹni tí ó ń ra ọjà ní 10,000, àṣẹ rẹ̀ kò ní ṣẹ ní oṣù Kẹrin. 200 dọ́là péré ni ìbá kù kó kàn án, ìbá sì máa wò ó bí ó ti ń ṣubú lọ sí 30,000. Títà lẹ́ẹ̀kan dà bí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Díẹ̀ ni ó wà láàárín àtiwọlé àti àtigbá orí mọ́ àtẹ́rígbà. Tèmi, bí mo bá tilẹ̀ fi 65,000 sí ìdá kẹta, 1,500 tí mo ti kó ṣáájú wà lápò mi, ìdá kẹrin ìbá sì ti jáde ní ààlà 45,000.

Àmọ́ ṣá o, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tí ó ń bù tà máa ń sọ tí kò tọ́ lójú mi. Wọn á ní, “Mo ti kó ojú owó mi jáde, ìyókù yìí ọ̀fẹ́ ni, bó ṣòfò kò kàn mí.” Èmi kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Gbági. Bí oníṣòwò bá ra aṣọ ogún, tí ó ta mẹ́wàá, tí owó tí ó fi rà gbogbo rẹ̀ sì pé, ṣé yóò wá fi mẹ́wàá ìyókù sílẹ̀ nínú òjò? Owó rẹ̀ ni. Ìdá tí ó kù nílẹ̀ tó iye tí ọjà ń sanwó lé e lórí lónìí, ó sì yẹ kí ó ní ààlà tirẹ̀. Ẹni tí kò bá fún un ní ààlà, bí àbúrò Tíṣà ni yóò ṣe pẹ̀lú ìdá náà.

Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn kọ́ìnì kéékèèké tí kì í ṣe bítíkọ́ìnì. Bítíkọ́ìnì já, ó sì tún dìde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí kì í dìde. Ẹ rántí èyí tí à ń pè ní LUNA. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 2022 ó kọjá 115 dọ́là ẹyọ kan. Nígbà tí oṣù Karùn-ún fi máa dé ìdajì, kò tó kọ́bọ̀ kan nínú dọ́là. Lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀, bí mo bá máa bù ú tà, ìdajì ni n óò kọ́kọ́ tà nígbà tí ó bá di ìlọ́po méjì, kí ojú owó mi jáde pátápátá ní ẹsẹ̀ kan, n kò sì ní fi ìdá kankan sílẹ̀ láìní ààlà.

Àwọn ìgbà kan sì wà tí èmi náà yóò gba ti Tíṣà. Èkíní, bí owó náà bá kéré. Ẹni tí ó fi 40 dọ́là ra bítíkọ́ìnì, kí ni yóò pín sí mẹ́rin? Ọ̀pọ̀ ilé pàṣípààrọ̀ kì í gba títà tí kò tó dọ́là márùn-ún tàbí mẹ́wàá, owó tí báńkì àti alágbàtà ń yọ nígbà kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ èrè náà tán. Èkejì, bí owó náà bá ní iṣẹ́ tí ó ní ọjọ́. Bí ẹ bá ń wá 3,000 dọ́là láti fi san owó ilẹ̀ ní oṣù Kejìlá, ẹ ṣírò iye tí ẹrù yín gbọ́dọ̀ dé kí ó tó 3,000, kí ẹ sì tà á níbẹ̀ pátá. Onílẹ̀ kì í gba àkàbà.

Ó ku ti náírà. Ìgbà tí mo ta ìdá kẹta mi ní oṣù Kẹta ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti kọ ìwé sí àwọn báńkì ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì pé kí wọ́n ti àkáǹtì àwọn tí ó ń ṣòwò kírípítò. Àṣẹ náà dúró títí di oṣù Kejìlá ọdún 2023. Nítorí náà, ọwọ́ sí ọwọ́ ni a ń tà, ní ibi tí a kọ P2P sí. Ẹni tí a kò mọ̀ rí á sanwó sínú àkáǹtì wa, àwa náà á tú kọ́ìnì sílẹ̀ fún un. Ewu ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn kan ń fi álátì ayédèrú ránṣẹ́. Àwọn mìíràn ń sanwó pẹ̀lú owó olè, ọjọ́ tí olówó bá sì ké gbàjarè, àkáǹtì ẹni tí ó gbà á ni báńkì yóò dì pa. Ẹni tí ó bá bù tà nígbà mẹ́rin, tí ó sì ń gba náírà nígbà mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó fi ọrùn sí ewu yìí.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo jẹ́ kí títà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ inú USDT, kọ́ìnì tí wọ́n so mọ́ dọ́là kan lẹ́yọ kan. Lẹ́yìn náà ni mo ń yí i sí náírà nígbà tí mo bá nílò rẹ̀, lọ́dọ̀ oníbàárà kan tàbí méjì tí orúkọ wọn lójú ẹ̀rọ bá ti àkáǹtì báńkì wọn mu. N kì í tú kọ́ìnì sílẹ̀ nítorí álátì. Mo máa ń ṣí àkáǹtì mi fúnra mi kí n fi ojú rí owó náà. Èyí tí mo fi sílẹ̀ nínú USDT pẹ́ jù lọ ni ó sì lérè jù ní náírà, nítorí dọ́là tí ìjọba ń ṣírò ní nǹkan bí 460 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ti kọjá 1,500 ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ìyẹn kì í ṣe ọgbọ́n bítíkọ́ìnì o, náírà ni ó rẹlẹ̀. Ẹ má pò ó mọ́ èrè ọjà yín nígbà tí ẹ bá ń ṣírò.

Ní ti owó orí, òfin owó orí tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026 ka èrè orí kírípítò mọ́ èrè tí a ń san owó orí lé. Títà kọ̀ọ̀kan ni a ń ṣírò lọ́tọ̀, kì í ṣe ìgbà tí gbogbo ẹrù bá tán. Ìlà mẹ́rin ni tèmi gbà nínú ìwé àkọsílẹ̀: ọjọ́ tí mo tà, ìwọ̀n tí mo tà, iye tí mo tà á àti iye tí mo ra ìdá yẹn, èyí tí ó jẹ́ 250 dọ́là nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan ṣoṣo ni ti Tíṣà, ó sì ti fi ìyẹn náà ṣe mí yẹ̀yẹ́.